Àpò Kan, Wilibárò Kan: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Ẹrù Níbi Iṣẹ́ Tí Kò Ní Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ní Iléṣà

Ẹ kú ìpéjọ o. Ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà, mo kí yín. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin lébìrà tí ẹ ń fi orí ru kọ́ńkéré tí a fi ń kọ́ ìlú yìí, ẹ kú làálàá, orí yín ò ní fọ́. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ilé á parí, ẹ ó sì gbé e pẹ́. Ọmọ Ọwá Obòkun, mo kí gbogbo yín pátá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan. Ta ló ti rí òṣùwọ̀n níbi iṣẹ́ rí, èyí tí a lè gbé yanrìn lé kó sọ iye kílò fún wa? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ò rí i, kò sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ a ń kọ́lé lójoojúmọ́. Típà ló ń kó yanrìn wá, sìmẹ́ńtì wà nínú àpò, wilibárò ló ń gbé e dé ibi tí a ti ń pò ó, hẹ́dìpáànù ló ń gbé e gorí àkàbà. Ìwé tí ẹni tó ya ilé kọ fún wa wá ń sọ ti kúbíìkì mítà. Báwo la ṣe ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì láìṣìnà? Iṣẹ́ tí mo gbé wá sáàárín yín lónìí nìyẹn. Mi ò ní sọ nípa òpó àti bíìmù. Jámánì flọ́ọ̀ kan ṣoṣo la máa fi ṣe é, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n níbẹ̀ á mọ̀ ọ́n wọ̀n níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: wilibárò wo?

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ìhà Ayésọ tó ń kọ́ ìsọ̀ méjì sórí ilẹ̀ kan náà. Ìwọ̀n ìsọ̀ méjèèjì dọ́gba: mítà 8 ní gígùn, mítà 5 ní ìbú. Jámánì flọ́ọ̀ wọn nípọn tó sẹ̀ntímítà 10. Ó gbé ọ̀kan fún ọ̀gá bíríkìlà kan, ó gbé ìkejì fún ọ̀gá mìíràn, kí iṣẹ́ lè yá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí wọ́n á ṣe pò ó: àpò sìmẹ́ńtì kan, wilibárò yanrìn kan, wilibárò gíránáìtì méjì. Àwọn méjèèjì gbà, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìsọ̀ kìíní jẹ àpò sìmẹ́ńtì 29. Ìkejì jẹ 23. Àpò mẹ́fà dà? Ẹ mọ ohun tó kàn. Òṣómàáló ni wá, a kì í fi owó wa sílẹ̀ lọ́nà. Ọ̀gbẹ́ni yìí fẹnu lé e pé ọ̀gá kìíní ti ta sìmẹ́ńtì òun. Ọ̀rọ̀ di ariwo, wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí.

Mo ní kí wọ́n gbé wilibárò wá. Ọ̀kan náà ni, ilé ìtajà kan náà ni wọ́n ti rà wọ́n. Mo ní kí ọ̀gá kìíní fi yanrìn kún tirẹ̀ bó ṣe máa ń kún un. Ó kún un, ó fi réńjì fa orí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹ. Mo ní kí èkejì náà kún tirẹ̀. Ó da yanrìn lé e títí orí rẹ̀ fi ga bí òkìtì, ó ku díẹ̀ kó máa ya dànù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta gàrí, ẹ mọ̀ pé kóńgò tí a fi ọwọ́ gé lórí àti kóńgò tó ní òkìtì kì í ṣe iye kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wilibárò.

A wá wọ̀n ọ́n. Èyí tó tẹ́ pẹrẹ gba lítà 60. Èyí tó ní òkìtì gba lítà 80. Àpò sìmẹ́ńtì kílò 50 kan, lítà 35 ni a máa ń kà á sí. Nítorí náà, ọ̀gá kìíní ń po sìmẹ́ńtì 35 mọ́ yanrìn 60 àti gíránáìtì 120. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 215 fún àpò kan. Ọ̀gá kejì ń po 35 mọ́ 80 àti 160, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ lítà 275 fún àpò kan.

Ẹ fi ojú sí ibí yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò wà. Kúbíìkì mítà kan ni ẹrù tó kún inú àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Lítà 1000 ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó lítà 1000 yanrìn, gíránáìtì àti sìmẹ́ńtì jọ ní gbígbẹ, tí ẹ sì bu omi sí i, kò ní kún àpótí yẹn. Yanrìn á wọ àárín gíránáìtì, sìmẹ́ńtì á wọ àárín yanrìn, gbogbo rẹ̀ á sì wálẹ̀. Kí kọ́ńkéré tútù tó tó lítà 1000, ẹrù gbígbẹ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí lítà 1540. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé 1540 yìí.

Ìsọ̀ náà ńkọ́? Mítà 8 lọ́nà 5 lọ́nà sẹ̀ntímítà 10, ìyẹn kúbíìkì mítà 4. Ọ̀gá kìíní: 1540 tí a fi 215 pín jẹ́ àpò 7.2 fún kúbíìkì mítà kan. Lọ́nà mẹ́rin, àpò 29. Ọ̀gá kejì: 1540 tí a fi 275 pín jẹ́ 5.6. Lọ́nà mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní 22, ẹ kà á sí 23. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Òkìtì orí wilibárò ló fa ìyàtọ̀ àpò mẹ́fà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èwo ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Kò sí ọ̀kankan. Ohun tí ìwé ilé náà béèrè ni ìdá kan sìmẹ́ńtì, ìdá méjì yanrìn, ìdá mẹ́rin gíránáìtì. Ìyẹn 35, 70 àti 140, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 245. Ẹ fi 245 pín 1540, ẹ ó rí 6.3. Lọ́nà mẹ́rin, àpò 25 àti díẹ̀, nítorí náà àpò 26 la máa rà. Ọ̀gá kìíní ná olówó ní àpò mẹ́ta lé. Ti ọ̀gá kejì ló dùn mí jù, nítorí flọ́ọ̀ tí sìmẹ́ńtì kò tó nínú rẹ̀ kì í fọhùn lọ́jọ́ tí a dà á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ku eruku, tí ẹ bá gbálẹ̀ láàárọ̀, ìgbálẹ̀ á kó yanrìn jáde. Tí ẹ bá fi ìṣó ha á, á ya lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ wọn hẹ́dìpáànù tiyín

Ẹnìkan á ní, “Ọ̀gá, a ti mọ̀ pé páànù méjì ni àpò sìmẹ́ńtì kan.” Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n páànù ta ni? Ọmọ ìka ò dọ́gba, páànù ò dọ́gba. Òmíràn jinlẹ̀, òmíràn tẹ́, òmíràn ti gba òòlù títí etí rẹ̀ fi wọlé. Páànù tí mo gbé wá síbí yìí, tí orí rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹ, lítà 15 ló ń gbà. Tó bá ní òkìtì, lítà 20. Nítorí náà, àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ páànù méjì àti díẹ̀ nínú ti pẹrẹ, kò sì tó méjì nínú ti olókìtì. “Páànù méjì” yẹn wà láàárín, kò bọ́ sí ibì kan gbòógì.

Bí ẹ ṣe máa wọn tiyín nìyí, kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wá ike ọ̀dà tí a kọ lítà 20 sí lára. Ẹ má gbára lé ohun tí a kọ sí i pátápátá: ẹ da omi sí i, kí ẹ sì fi kálámù fa ìlà síbi tí omi dé. Pyọ́ wọ́tà wúlò níbí, nítorí ìdajì lítà ni a kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá tú 20 sínú ike, lítà 10 nìyẹn, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ tú 20 mìíràn sí i, lítà 20 nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi nù, ẹ nu ike kó gbẹ. Ẹ fi yanrìn gbígbẹ kún páànù, ẹ fi réńjì fa orí rẹ̀, ẹ dà á sínú ike, ẹ wo ìlà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i fún ti olókìtì. Ẹ má da omi sínú wilibárò láti wọ̀n ọ́n o, ojú ihò bóòtù á máa jò. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ní ike ike, títí yóò fi kún. Iye tí ẹ bá rí, ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wilibárò: “pẹrẹ 60.” Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín náà á rí i kà.

Kí ló dé tí mi ò sọ pé kí ẹ fi páànù wọn sìmẹ́ńtì? Nítorí a kì í wọn sìmẹ́ńtì, kíkà ni a ń kà á. Sìmẹ́ńtì tí a tú sílẹ̀ tí a fi ṣọ́bìrì gbọ́n máa ń wú. Páànù tó kún fún un lè ní sìmẹ́ńtì tí kò tó nínú. Ṣùgbọ́n àpò tí a kò tíì tú, kílò 50 ló wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ni òṣùwọ̀n tó wà níbi iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kó máa darí àwọn yòókù. Ẹ máa po àpò kan pátá lẹ́ẹ̀kan, àti yanrìn àti gíránáìtì tó tọ́ sí àpò kan yẹn.

Káfíńtà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ kan àpótí kan tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ntímítà 40, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 25. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 40 lọ́nà 35 lọ́nà 25. Lítà 35 gẹ́lẹ́ ni, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ má kan ìdí sí i. Ẹ so igi méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìdìmú, nítorí yanrìn tó kún un wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, ẹ ò sì ní fẹ́ gbé e. Ẹ gbé àpótí sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń pò ó, ẹ kún un, ẹ fi réńjì fa orí rẹ̀, kí ènìyàn méjì sì fà á sókè. Yanrìn á dúró síbẹ̀. Yanrìn lẹ́ẹ̀mejì, gíránáìtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ ò nílò ìṣirò kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sì lè máa jà nítorí òkìtì.

Ọ̀rọ̀ kẹta: yanrìn tó rọ̀ mọ́ra

Èyí ṣòro gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Tí òjò bá pa yanrìn díẹ̀, yanrìn yẹn á pọ̀ sí i lójú. Omi díẹ̀ á so mọ́ ara ẹyọ yanrìn kọ̀ọ̀kan, kò ní jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, yanrìn á sì wú. Ohun tó jẹ́ páànù mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè di márùn-ún lẹ́yìn òjò, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹyọ kan kún un. Yanrìn tó kúnná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Gíránáìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yanrìn tí omi bá mu yó náà á padà wálẹ̀ sí bó ṣe rí ní gbígbẹ.

Kí ló ń tìdí rẹ̀ yọ? Lítà 70 yanrìn tutù tí ẹ wọ̀n, kò ju lítà 56 lọ ní gbígbẹ tó bá wú ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Yanrìn ò tó, gíránáìtì á máa yọrí, ẹ̀yin náà á sì máa bínú pé kọ́ńkéré ò ṣeé tẹ́. Àpò kọ̀ọ̀kan ò ní gbòòrò tó bí ẹ ṣe rò, sìmẹ́ńtì á tán kí yàrá tó tán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ gé orí ìgò ọlọ́ràá tó mọ́ gaara, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ tààrà. Ẹ rọra da yanrìn tutù yẹn sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kó dé sẹ̀ntímítà 20. Ẹ da yanrìn náà sínú nǹkan mìíràn. Ẹ da omi sínú ìgò títí dé ìdajì, kí ẹ wá máa da yanrìn padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì fi tépù wọn ibi tí yanrìn dé. Ká ní ó dé sẹ̀ntímítà 16. Ó ti wálẹ̀ ní 4. Ẹ fi 4 yẹn wé 16 tó kù: ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún yanrìn yín. Dípò lítà 70 fún àpò kan, ẹ ó wọn bíi lítà 87: àpótí méjì àti ìdajì.

Omi ńkọ́? Àpò kan nínú irú àpòpọ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ló máa ń tó o bí yanrìn bá gbẹ. Yanrìn tó rọ̀ mọ́ra ti gbé omi tirẹ̀ wá. Nínú yanrìn tó tó àpò kan, ó lè tó lítà 5. Nítorí náà, ẹ da 20 sí i ná, ẹ wò ó kí ẹ tó fi kún un. Ẹni tó bá da kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tán lójú kan náà, kọ́ńkéré rẹ̀ á máa ṣàn bí ẹ̀kọ.

Típà, ní ṣókí

Ẹ má fi orúkọ tí wọ́n pe típà ra ẹrù. Orúkọ ni “tọ́ọ̀nù márùn-ún”, inú rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Kí awakọ̀ tó dà á, ẹ gòkè, ẹ fi réńjì tẹ́ orí yanrìn, ẹ wọn gígùn inú, ìbú inú, àti gíga ibi tí yanrìn dé. Ká ní mítà 3 lọ́nà 2 lọ́nà 0.6, ìyẹn kúbíìkì mítà 3.6, tàbí ọgọ́ta wilibárò tó tẹ́ pẹrẹ nínú irú ti Ayésọ yẹn. Fún ìsọ̀ wa, gíránáìtì tí a nílò jẹ́ lítà 880 fún kúbíìkì mítà kọ́ńkéré kan, lọ́nà mẹ́rin 3520. Típà yẹn tó o, ṣùgbọ́n lítà 80 péré ló ṣẹ́kù fún èyí tó máa dà sílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ tó fún yanrìn gbígbẹ, nítorí 1760 ni a nílò. Ẹ ṣọ́ra fún ìsàlẹ̀ típà o. Àwọn kan máa ń fi pákó tàbí yanrìn tó ti gan síbẹ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń jẹ àyè. Ẹ wọ̀n ọ́n láti inú, kí ẹ má wọ̀n ọ́n láti ìta.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ lójú iṣẹ́

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ẹ wọ̀n bọ́ sí i, kí iṣẹ́ tó tán? Ẹ fi efun sàmì sí ògiri. Àpò kan nínú àpòpọ̀ 35, 70, 140 máa ń fún wa ní bíi lítà 159 kọ́ńkéré. Àpò márùn-ún jẹ́ bíi lítà 795. Flọ́ọ̀ wa fẹ̀ ní mítà 5, ó nípọn ní sẹ̀ntímítà 10. Àpò márùn-ún gbọ́dọ̀ gbé yín síwájú ní mítà kan àti sẹ̀ntímítà 60, tàbí kó sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn àpò karùn-ún, ẹ na tépù. Tó bá wà ní 1.6, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ti dé 1.8, ẹ dúró: bóyá wilibárò ti ní òkìtì, bóyá flọ́ọ̀ ti fẹ́lẹ́. Ẹ ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú kọ́ńkéré tútù títí á fi kan ilẹ̀, ẹ wọn èyí tó wọlé. Bó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, a jẹ́ pé wilibárò ló ń purọ́. Bí tépù bá kù sí 1.5, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ rì níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé yanrìn wú tí ẹ ò fi nǹkan kún un. Irin yẹn náà ló máa yanjú rẹ̀.

Ìbéèrè méjì láti àárín àwùjọ

Ìyá kan tó ń kọ́lé béèrè pé: “Ẹ ṣeun, sà. Èmi ò lè jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ni mo lè wò nígbà tí mo bá yà síbẹ̀?” Mo dá a lóhùn pé: Mà, ẹ ka àpò òfìfo. Ẹ wọn ibi tí flọ́ọ̀ dé. Tí ìpọn rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, ẹ sọ gígùn di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú ní mítà, kí ẹ pín in sí 1.6. Iye tí ẹ bá rí yẹ kó sún mọ́ iye àpò òfìfo. Mítà 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, pín in sí 1.6, àpò 12 àti ààbọ̀. Tí ẹ bá rí àpò òfìfo 9, ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin lébìrà kan ní: “Ọ̀gá, nígbà mìíràn ibi tó kù ò gbà ju ìdajì àpò lọ. Ṣé ká fi páànù wọn sìmẹ́ńtì nígbà yẹn?” Rárá, ọmọ mi. Gbé àpò náà dùbúlẹ̀ kí o tó tú u, gbọ̀n ọ́n kí inú rẹ̀ dọ́gba láti ìdí dé ẹnu, wọn gígùn rẹ̀, fa ìlà sí àárín, kí o fi ọ̀bẹ gé e níbẹ̀. Ìdajì kan wọ inú àpòpọ̀ pẹ̀lú àpótí yanrìn kan àti àpótí gíránáìtì méjì. Ìdajì kejì, dì í sínú náílọ̀n kó má gba afẹ́fẹ́, kí ẹ sì lò ó fún ìrẹ́lé lọ́jọ́ kejì.